« Présenter ma démission »: ṣé ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí ó ṣì ń dúró de èsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù ìjọba ní Faransé kọ ímeèlì sí dírẹ́kítọ̀ rẹ̀ pé « J'ai l'honneur de vous présenter ma démission à compter du 1er septembre », ó fẹ́ lọ ṣe másítàsì. «Mo fiṣẹ́ sílẹ̀» ni mo fi túmọ̀ ẹ̀. Ṣé ó péye?

Àbúrò tó ń túmọ̀ ìwé: Ó péye jàre. Tó bá ti kọ̀wé, tó ti fi ránṣẹ́, ó parí nìyẹn, nótíìsì ẹ̀ ló kù tó máa ṣe.

Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ọmọ mi, tó bá jẹ́ ọsibítù aládàáni ni, òótọ́ lo sọ, kò dìgbà tí ọ̀gá bá gbà. Ṣùgbọ́n ti ìjọba ni wọ́n sọ yìí, tó bá sì ti jẹ́ titulaire, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti fìdí iṣẹ́ ẹ̀ múlẹ̀, ìwé yẹn nìkan ò tíì tú u sílẹ̀, àfi tí àwọn aláṣẹ bá gbà á, wọ́n sì ní oṣù kan láti fèsì. Tó bá kàn kó ẹrù ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbà, wọ́n lè kà á sí ẹni tó sá níṣẹ́. Tí wọ́n bá sì ti gbà á, kò lè ní òun yí ọkàn padà mọ́. Èmi á kọ ọ́ pé «mo fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi síwájú yín».

Ẹni kan tó wà ní Líọ́ọ̀nù: Èmi ò fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ lọ kàwé o, disponibilité ni mo gbà. Kí la ń pe ìyẹn? Àwọn kan ní ìsinmi, ṣùgbọ́n wọn ò sanwó fún mi, ìwé ni mo sì ń kà tọ̀sántòru, kí ló wá jọ ìsinmi níbẹ̀?

Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ọ̀tọ̀ nìyẹn, orúkọ yín ò kúrò nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Fún ẹ̀kọ́, kì í ju ọdún 3 lọ, wọ́n sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pè é ní «ìyọ̀ǹda láìgbowó». Nọ́ọ̀sì tó kọ ímeèlì yìí ò sọ pé òun á padà wá ní tiẹ̀.

Àbúrò tó ń túmọ̀ ìwé: Mo gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni náà ń kọ « présenter », ìyẹn fi síwájú, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán ni. Tí a bá kọ «síwájú yín» fún gbogbo wọn, àwọn tí kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni á dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ìyẹn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ọsibítù tó jẹ́.

Olùbéèrè: « À compter du » wá ń kọ́? «Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án» ni mo kọ, ẹnìkan sì rò pé ó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìyá Nọ́ọ̀sì: Rárá o, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ló máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹni tó wà ní Líọ́ọ̀nù: Tó bá wá wà lórí iṣẹ́ òru ọjọ́ 31, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a ní wọ́ọ̀dù ń kọ́ mà?