Láptọ́ọ̀pù àlejò pòórá, ilẹ̀kùn kò já: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí kọ́kọ́rọ́ òtẹ́ẹ̀lì wa

Ọmọ Onílé Àlejò, Òṣogbo

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 12 ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, èmi ni mo sì ń mójú tó o láti ọdún tó kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àlejò yàrá 7 jáde lọ jẹun ní agogo méje alẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Nígbà tó padà dé ní agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò sí lórí tábìlì mọ́. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì bó ṣe fi í sílẹ̀, fèrèsé ní irin, kò síbi tí wọ́n já.

Ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe ni gbogbo èèyàn ń nawọ́ sí, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ìdì kọ́kọ́rọ́ kejì máa ń wà. Ó ń sunkún pé òun kò débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lé e lọ. Ọkàn mi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò ní ohun tí mo lè fi gbè é. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣètò kọ́kọ́rọ́?

Ìyá Àrẹ̀mú

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ẹrù tó bá sọnù kò kàn wá. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó yọ wá lẹ́nu. Ẹ ra kámẹ́rà méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Máníjà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Ìbàdàn

Ìyá Àrẹ̀mú, kámẹ́rà dáa, bó bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Àkọlé yẹn ni kí ẹ má gbójú lé. Bó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ yín tàbí òṣìṣẹ́ yín ló ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ara ògiri lè má gbà yín sílẹ̀.

Ọmọ mi, má tíì lé ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ mélòó ni yàrá 7 ti ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ilẹ̀kùn síbẹ̀? Ṣé àlejò kan ti gbé ọ̀kan lọ rí? Ṣé páálí kan náà ni ẹ ti ra gbogbo àgádágodo ara ilẹ̀kùn yín? Nígbà tí yàrá bá ṣófo, mú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan kí o fi dán ilẹ̀kùn mọ́kànlá yòókù wò. Ìgbìyànjú 132 ni. Ó máa gbà ọ́ ní nǹkan bí ọ̀sán kan. Kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀.

Bọ̀dá Ṣọ́jà

Èmi náà gbàgbé aago ọwọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́dún tó kọjá. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ṣé wọ́n jẹ mí ní gbèsè aago ni?

Àdùkẹ́ Onírisẹ́pṣọ́n

Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ ohun tó sọnù nínú yàrá títì la wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n màá dá yín lóhùn. Níbi tí mo ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá rí ẹrù kì í fi sápò. Ó máa gbé e wá sí kántà lójú ẹsẹ̀, a ó kọ ọjọ́, yàrá, ibi tó gan-an tó ti rí i (abẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀), àti orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó, èèyàn méjì la máa fi kà á. A kì í torí rẹ̀ pe àwọn ará ilé ẹni tó ni ẹrù. Nọ́ńbà tó fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ nìkan la máa ń pè, torí ẹlòmíràn kò fẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí òun sùn. Bí ẹnì kan bá sì wá gbà á, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí ẹrù náà ṣe rí, kì í ṣe àwa.

Ọmọ Onílé Àlejò, Òṣogbo

Ẹ̀yin bàbá, mo ti dán an wò. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá 4 ṣí yàrá 7. Ó kọ́kọ́ há díẹ̀, mo fà á sẹ́yìn bí ìwọ̀n eékánná, ó yí. Ti yàrá 10 náà ṣí 2. Páálí kan náà la ti rà wọ́n lóòótọ́. Àlejò kan sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ 7 lọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, a kàn lọ gé òmíràn ni. Nọ́ńbà yàrá àti orúkọ òtẹ́ẹ̀lì wà lára rẹ̀.

Ẹni tó sùn sí yàrá 4 lálẹ́ ọjọ́ náà lọ ní ìdájí. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé wa, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì wọlé.

Máníjà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Ìbàdàn

Má pe ẹni yẹn lólè o. Ohun tí o mọ̀ ni pé ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ló wọ yàrá yẹn: ìdì ọwọ́ ọmọbìnrin náà, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, àti ti yàrá 4. Sílíńdà, ìyẹn ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ lára àgádágodo, bó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, kì í ní oríṣi eyín púpọ̀, bó bá sì gbó, kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ náà á máa ṣí i.

Gígé òmíràn kò tó nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù. Sílíńdà ni ká pààrọ̀, kò sì dìgbà tí ẹ bá pe káfíńtà. Ṣí ilẹ̀kùn, wo etí rẹ̀ lápá ibi tí ahọ́n irin ti ń yọ. Wàá rí súkúrúù gígùn kan tó bá ojú kọ́kọ́rọ́ dọ́gba. Tú u. Ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, yí i díẹ̀, kí ahọ́n kékeré inú rẹ̀ lè bọ́ sábẹ́, kí o sì rọra fà á jáde. Ra sílíńdà méjì tó gùn bákan náà pamọ́, kí wọ́n má sì ti páálí kan náà wá. Kí o sì dán wọn wò ní gbogbo ilẹ̀kùn kí o tó lò wọ́n.

Yọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì kúrò lára kọ́kọ́rọ́. Ìdì kejì kò gbọ́dọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kó wà nínú àpótí títì, kí ẹni tó bá gbà á kọ wákàtí tó gbà á àti èyí tó dá a padà, kó fọwọ́ sí i. Ká ní ẹ ní ìwé yẹn ni, ọmọbìnrin náà ì bá ti rí ohun tó máa gbè é.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Mánṣẹ́sítà

Òtẹ́ẹ̀lì ni mo ń ṣiṣẹ́ níbí. Káàdì wa máa ń kú fúnra rẹ̀ ní wákàtí tí àlejò yẹ kó lọ, ilẹ̀kùn sì ń rántí káàdì tó ṣí i àti ìgbà tó ṣí i. Ìwé tí bàbá sọ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹni tí kò ní káàdì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dé kántà tó ní òun ni ìyàwó àlejò, a kì í fún un ní kọ́kọ́rọ́. A kì í tilẹ̀ sọ pé àlejò wà níbẹ̀. A ó pe yàrá, kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ sọ pé kó gòkè.

Ìyá Àrẹ̀mú

Ìyẹn lè ṣeé ṣe ní ìlú òyìnbó. Níbí, bí o bá ní kí ẹni tó wá kí àlejò kọ orúkọ, wọ́n á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kejì.

Àdùkẹ́ Onírisẹ́pṣọ́n

Àwọn kan lọ lóòótọ́, mà. Àwa fi agogo mẹ́wàá alẹ́ ṣe òpin, ẹni tó bá máa kọjá ìgbà yẹn á kọ orúkọ bí ẹni tó ń sùn. Ẹ ti ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí yẹn mọ́ inú dúrọ́ọ̀ o, kí ẹni tó ń kọ tirẹ̀ má máa ka orúkọ àwọn tó ṣáájú. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 kàn wá.

Máníjà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Ìbàdàn

Kí ilẹ̀ tó ṣú, kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sínú ìwé alábala tí o fi nọ́ńbà sí, kì í ṣe bébà yíya. Kọ ọjọ́ tí o ń kọ ọ́ gan-an, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ya ohun tí o fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún ọ. "Ilẹ̀kùn wà ní títì nígbà tí mo débẹ̀" jẹ́ ohun kan. "Ó ní òun ti tì í" jẹ́ òmíràn. Má kọ ọ̀rọ̀ "olè" síbẹ̀. Bí o bá ṣe àṣìkọ, fa ìlà kan sí i, má fi bíìrò pa á rẹ́.

Ọmọ Onílé Àlejò, Òṣogbo

Mo ti kọ ọ́, ojú ìwé méjì. Mo bẹ ọmọbìnrin náà níwájú àwọn tó fura sí i, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Sílíńdà 7 àti 2 ti yí padà. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n sọ fún oníláptọ́ọ̀pù pé kọ́kọ́rọ́ yàrá mìíràn ń ṣí yàrá tó sùn?

Ìyá Àrẹ̀mú

Ẹ má sọ o! Ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín gbé ara yín lọ kóòtù ni?

Máníjà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Ìbàdàn

Èmi á sọ fún un. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi ìwé náà han lọ́yà, kí o tó pè é.

Ọmọ Onílé Àlejò, Òṣogbo

Mo ti bá lọ́yà ṣàdéhùn fún ọ̀túnla. Ìwé yẹn ni màá gbé dání, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ 4 àti sílíńdà 7 tí mo yọ.