Bí mo bá ń fi 5,000 kún owó tí mo fi ń san gbèsè ọkọ̀ lóṣooṣù, èlé tí yóò dín yóò tó èló?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo yá 1,000,000 láti fi ra ọkọ̀, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, oṣù 48 ni mo sì ní láti fi san án. Wọ́n ní kí n máa san 26,333.84 lóṣooṣù, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe rí iye yẹn. Mo lè máa fi 5,000 kún un láti oṣù àkọ́kọ́. Ṣé yóò ṣe mí láǹfààní?

Akọ̀wé Owó: Ẹ pín èlé ọdún sí 12, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò kan oṣù kan. Èlé oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ 10,000, nítorí náà 16,333.84 péré ló bọ́ sórí ojú owó nínú ohun tí ẹ san, gbèsè yín sì ku 983,666.16. Orí èyí tó kù yìí ni wọn yóò ti ṣírò èlé oṣù kejì, ìyẹn 9,836.66, bẹ́ẹ̀ ni èlé yóò ṣe máa dín kù títí dé ìparí. Ẹ tẹ èyí sínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, iye oṣooṣù yín yóò jáde:

```
=PMT(0.12/12,48,-1000000)
```

Àpapọ̀ èlé jẹ́ nǹkan bí 264,000. Bí ẹ bá ń fi 5,000 kún un, oṣù 39 ni ẹ óò parí, owó ìgbẹ̀yìn kò ní tó 20,000, èlé yóò sì fi nǹkan bí 53,500 dín.

Ìyá Ìbejì: Ìdá 12 fún ọdún 4 lórí 1,000,000, ṣé kì í ṣe 480,000 ni? Bí wọ́n ṣe ṣírò tèmi nìyẹn.

Akọ̀wé Owó: Mà, orí iye tí ẹ kọ́kọ́ yá ni èlé tiyín dúró lé, láìka ohun tí ẹ ti san sí. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni ti Olùbéèrè, nǹkan bí 30,833 ni ì bá máa san lóṣù. Nínú irú tiyín, àfikún lè má dín èlé rárá, àfi bí ìwé àdéhùn bá gbà á láyè.

Bàbá Awakọ̀: Kí ó tètè san án o, nítorí bó bá ti kọjá ìdajì, wọ́n ti gba gbogbo èlé wọn tán.

Akọ̀wé Owó: Ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣàǹfààní jù lóòótọ́, Bàbá, àmọ́ èlé kì í tán ní ìdajì. Bó bá san àfikún 50,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn oṣù 12, èlé yóò fi nǹkan bí 20,900 dín. Bó bá di ẹ̀yìn oṣù 36, nǹkan bí 6,000 ni.

Àbẹ̀kẹ́: Odidi oṣù márùn-ún ni mo fi san àfikún, láìmọ̀ pé owó oṣù tó ń bọ̀ ni ayánilówó mi ń kà á sí. Ohun tó là mí lójú ni pé ọjọ́ ìsanwó mi ń sún síwájú, síbẹ̀ ojú owó kò dín ju bó ṣe yẹ kó dín tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé ojú owó ni kí wọ́n fi àfikún náà dín.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣí ìwé àdéhùn mi báyìí: ó ní owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá san gbèsè tán ṣáájú àkókò, kò sì sọ bóyá àfikún oṣooṣù wà lára rẹ̀. N ó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wọn kí n tó san 5,000 àkọ́kọ́.