Àkáǹtì àgbàtọ́jú: kí la ó máa pe kọ́kọ́rọ́, ìlà àti àbọ̀ rẹ̀?

Àníkẹ́, Takie, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-iṣẹ́ wa ń bá oníbàárà mẹ́rìnlá mójú tó ojú-ìwé wọn lórí Facebook àti Instagram: olóúnjẹ, oníṣègùn eyín, ilé-ìwé, oníkajú. Mò ń kọ ìwé ìlànà ní Yorùbá fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun, mo sì nílò ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ohun tí a fi ń wọlé sí àkáǹtì oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ibi tí iṣẹ́ tí a ti ṣe sílẹ̀ ń dúró sí kó tó jáde, àti ohun tí a ń kó fún oníbàárà lópin oṣù. Mo ti kọ "ọ̀rọ̀ aṣínà", "ìlà" àti "ìjábọ̀". Ṣé wọ́n bá a mu?

Àjàgbé, Ọ̀yọ́

Àníkẹ́ ọmọ mi, o kú akitiyan. "Ọ̀rọ̀ aṣínà" kò burú, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ni mo ti ń rí i, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Akẹ̀sán rí. Kọ́kọ́rọ́ ni kí o kọ. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ẹni tí ẹ bá sì fi ti oníbàárà kan, ajẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa pè é. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rán lọ sí ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin kó lọ máa ṣojú ọba níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń sùn, ẹ jẹ́ ká jí i.

Àlàó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ pẹ́ fún wa, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ yìí ń kọ mí lóminú. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ á máa retí kí oníbàárà kó nǹkan lé òun lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ojú-ìwé Facebook kò ní páswọ́ọ̀dù kankan. Àkáǹtì ara ẹni lèèyàn fi ń wọ̀ ọ́, torí wọ́n ti fún un láṣẹ níbẹ̀. Bí oníbàárà bá fi páswọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ti àkáǹtì ara rẹ̀ ni: ọ̀rọ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀, fọ́tò ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló kó fún yín yẹn. Ẹ ó wá wọlé láti Takie, Facebook á rí fóònù tí kò mọ̀, á ní òun fẹ́ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù oníbàárà kí ẹ tó kọjá. Oníbàárà wà lọ́jà, fóònù rẹ̀ wà lẹ́nu ṣájà nílé. Iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Oníbàárà á wọ Business settings tirẹ̀, á lọ sí Users, á mú Partners, á tẹ Add, á sì yan "Give a partner access to your assets". Á béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ yín ní Meta, òun nìkan lẹ máa fún un. Lẹ́yìn náà á mú ojú-ìwé tó fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, á sì sọ ibi tí ọwọ́ yín lè dé nínú rẹ̀. Ojú-ìwé kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà á wá pín in fáwọn ọmọ iṣẹ́ yín: lágbájá lè gbé ọ̀rọ̀ jáde, kò lè dé ibi owó ìpolówó. Lọ́jọ́ tí lágbájá bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́dọ̀ yín, kò sí páswọ́ọ̀dù mẹ́rìnlá tẹ́ ẹ ó máa yí lóru. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ yà kúrò lára yín, ó yọ yín, ó tán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "àṣẹ ìwọlé". Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ibi tó jẹ́ páswọ́ọ̀dù lásán ni wọ́n ní, bíi wẹ́ẹ̀bù ilé-ìwé kan tó wà lọ́wọ́ wa. Irú ìyẹn là ń tọ́jú sínú àpótí páswọ́ọ̀dù, oníbàárà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpótí tirẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ fún un kò sì lè ṣí i.

Ní ti ajẹ́lẹ̀, Bàbá, ìlú tó lágbára ló ń rán ajẹ́lẹ̀ sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó máa ṣọ́ wọn, kó máa rí sí ìṣákọ́lẹ̀. Bí oníṣègùn eyín bá gbọ́ pé a fi ajẹ́lẹ̀ tì í, ta ni yóò san owó oṣù?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀wọ́dé, Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí i tẹ́ ẹ dárúkọ kọ́kọ́rọ́, ẹ gbà mí o. Aṣọ òfì ni mò ń tà. Ọmọkùnrin kan ló bá mi ṣí ojú-ìwé Facebook, àkáǹtì tirẹ̀ ló fi ṣí i. Ó ti lọ Èkó, kì í gbé ìpè mi mọ́. Àwọn èèyàn ń béèrè iye aṣọ níbẹ̀, èmi ò rí nǹkan ṣe sí i. Kí ni Yorùbá ń pe ẹni tó bá ṣe báyìí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ọjà mi padà?

Àlàó

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá wa. Ẹ wò ó bóyá orúkọ tiyín wà lára àwọn tó ní àṣẹ níbẹ̀, kó sì jẹ́ Full control. Bó bá wà, ẹ lè yọ ọ́ lónìí. Bí kò bá sí, ẹ má tíì bá a jà. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó bẹ̀ ẹ́ kó fi yín kún un pẹ̀lú Full control, ẹ gbà á wọlé, kẹ́ ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́, kó tó wá yọ ara rẹ̀. Ó kéré jù, kí èèyàn méjì ní Full control lórí ojú-ìwé kan, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó ni ọjà. Bó bá kọ̀ pátápátá, ẹ lè fẹjọ́ sun Facebook pẹ̀lú ìwé ilé-iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n n kò lè fi í dá yín lójú pé wọ́n á dá a padà.

Àjàgbé

Orúkọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, Ìyá Ìbejì, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ rán mi létí nǹkan. A ní àgbàro, a ní àgbàfọ̀, a ní àgbàsìn. Ẹni tó gba ewúrẹ́ sìn mọ ẹni tó ni ín, bó ti wù kó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó. Nítorí náà, Àníkẹ́, "àkáǹtì àgbàtọ́jú" ni kí o kọ, kí ọmọ iṣẹ́ mọ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ pé kì í ṣe tiwọn. Mi ò tíì jọ̀wọ́ ajẹ́lẹ̀ o.

Àbẹ̀ní, Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́

Àgbàtọ́jú dùn gan-an ni. Ní ti "ìlà", mo rò pé ó ti tó. Ẹni tó kọ́kọ́ tò ló ń kọ́kọ́ jáde, bí a ṣe ń tò ní báńkì.

Àlàó

Àbẹ̀ní, ó tọ̀nà fún irú kan, kò tọ̀nà fún èkejì, àárín méjèèjì yẹn sì lọmọ iṣẹ́ ti ń ṣubú. Àwọn irinṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé àyè lẹ ń là sílẹ̀: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Ohun tó bá wà níwájú ló ń bọ́ sí àyè tó kàn. Ìlà gidi nìyẹn.

Ọmọ iṣẹ́ kan to ti oníṣègùn eyín báyìí: ìmọ̀ràn lórí ìfọyín fún ọjọ́ Ajé, "Ẹ kú ọdún Iléyá" fún Ọjọ́rú tó jẹ́ ọjọ́ ọdún gan-an, fọ́tò ilé ìwòsàn fún ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé, dókítà pè pé ẹ̀rọ òun bàjẹ́, kí wọ́n sọ fáwọn aláìsàn. Ọmọ náà fi ìkéde sí iwájú ìlà. Ìkéde jáde lọ́jọ́ Ajé, ìfọyín sún sí Ọjọ́rú, "Ẹ kú ọdún" wá jáde lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n ti jẹ ẹran tán. Kò sí ohun tó kọṣẹ́. Ìlà ṣe bí ìlà ni.

Nínú Meta Business Suite, ọjọ́ àti aago lẹ ń dá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó ń ti ẹnì kejì. Ìyẹn kì í ṣe ìlà. Ohunkóhun tó bá ní ọjọ́ tirẹ̀, ọdún ni o, ìpàdé òbí ni o, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí. Orúkọ rẹ̀ ni n kò tíì rí. Mo rò ó pé "ọ̀rọ̀ ọlọ́jọ́".

Àjàgbé

Ọlọ́jọ́ kẹ̀! Àwọn ará Ifẹ̀ á ní ẹ jí ọdún àwọn gbé. Ẹ kọ "ọ̀rọ̀ adájọ́", kí wọ́n wá rò pé kóòtù lẹ wà. "Aládèéhùn" ńkọ́? Ó bá ọjọ́ dá àdéhùn.

Àníkẹ́

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n Àlàó, ohun kan tún ń ṣẹlẹ̀ tí n kò mọ ibi tí mo máa fi sí. Nígbà mìíràn gbogbo nǹkan wà nínú ìlà, àkókò pé, kò sí èyí tó jáde.

Àlàó

Ẹ wo ẹni tó so irinṣẹ́ yẹn mọ́ ojú-ìwé. Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀, èèyàn kan pàtó ló tẹ bọ́tìnnì, àṣẹ ẹni yẹn sì ni gbogbo ìlà ń gbára lé. Bó bá yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, okùn lè já. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lórí ojú-ìwé, ó já. Èyí tó tún burú ni pé ìkìlọ̀ lè lọ sí ímeèlì ẹni yẹn, kó má sì kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì. Kẹ́ ẹ tó yọ ẹnikẹ́ni, ẹ wo ìsopọ̀ tó wà lórúkọ rẹ̀, kí ẹlòmíì tó ní àṣẹ tún wọn so, kẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ kan jáde fi dán an wò, kẹ́ ẹ lọ fojú rí i lórí ojú-ìwé fúnra rẹ̀. Èmi ń pè é ní "okùn". Bẹ́ ẹ bá ní èyí tó sàn jù, mò ń gbọ́.

Àbẹ̀ní

Ó ku ìjábọ̀. "Àbọ̀" nìkan ni mo fara mọ́, torí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ló ń jábọ̀. Mo ti ṣe irú rẹ̀ fún oníbàárà kan: mo kó iye àwọn tó rí wa lọ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo rò wọ́n pọ̀, ó di ti oṣù.

Àlàó

Dúró ná, àbúrò. Ká ní ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ 900, èkejì 800, ẹ̀kẹta 700, ẹ̀kẹrin 800. Ìwọ á kọ 3,200. Bó o bá lọ wo oṣù náà lódindi, o lè bá 1,900, torí èèyàn kan náà tó rí wọn lọ́sẹ̀ kìíní ló tún rí wọn lọ́sẹ̀ kẹta. Iye ìgbà ni a lè rò pọ̀. Iye èèyàn kò ṣeé rò pọ̀, àfi kó o mú un jáde fún oṣù odindi. Nítorí náà kí Àníkẹ́ ya "iye ojú" sọ́tọ̀ kúrò lára "iye ìgbà" nínú ìwé rẹ̀.

Àjàgbé

"Iye orí" ni. Eléyìí tó ní ojú méjì, ṣé ẹ ó kà á lẹ́ẹ̀mejì ni?

Àníkẹ́

Mo gba "orí", Bàbá. Mo ti kọ àkáǹtì àgbàtọ́jú, àṣẹ ìwọlé àti àbọ̀ sílẹ̀. Ìlà àti aládèéhùn ṣì wà lẹ́nu ìdánwò. Olóúnjẹ wa ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí àti ọ̀kan ní Ọ̀yọ́, ojú-ìwé méjì. Ó fẹ́ iye orí méjèèjì pa pọ̀ nínú àbọ̀ kan. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Àlàó

Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ẹni tó rí méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ á fi ẹ̀rọ ìṣirò rò ó pọ̀.