Ṣé ká yọ fáíbà lára páálí tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ mi alátọ̀gbẹ ń gba ìńsúlíìnì, yúnìtì 1 fún gíráàmù 10 kabọháídíréètì ni dókítà ní kó máa lò. A máa ń yọ fáíbà kúrò ká tó ṣírò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi síríà eérí àlìkámà ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú gíráàmù 100, kabọháídíréètì 48, fáíbà 27. Ó ku 21. Gíráàmù 40 ló ń jẹ, a wá ka gíráàmù 8. Ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ ń ga lẹ́yìn oúnjẹ.

Dèjì: Ẹ ò ṣìṣe, mà. Fáíbà kì í di ṣúgà. Bí mo ṣe ń yọ ọ́ lára óòtì Amẹ́ríkà nìyẹn.

Àlàkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fọn. Ṣé ti gaàrí náà ṣeé yọ?

Bọ́dà Ṣẹ́gun: Àlàkẹ́, fáíbà gaàrí kéré, yíyọ ọ́ ò ní yí nǹkan padà.

Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni Dèjì sọ fún páálí Amẹ́ríkà, kì í ṣe fún ti Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀, «Total Carbohydrate» ti ka fáíbà mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ fáíbà sábẹ́ rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù, fáíbà ò sí nínú «Carbohydrate» rárá. Wọ́n ti yọ ọ́ kí ẹ tó rí páálí. Ẹ̀yin wá tún ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, àṣìṣe nìyẹn. 48 yẹn lẹ máa lò: gíráàmù 40 jẹ́ gíráàmù 19, kì í ṣe 8. Ìńsúlíìnì fi bíi yúnìtì 1 dín.

Dèjì: Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ tí páálí ò bá sọ ibi tó ti wá?

Bọ́dà Ṣẹ́gun: Kálórì ló máa tú àṣírí. Ìyá Ìbejì, ẹ ka purotéènì, ọ̀rá àti kálórì ara páálí yẹn fún wa.

Ìyá Ìbejì: Purotéènì 14, ọ̀rá 3.5, kálórì 334.

Bọ́dà Ṣẹ́gun: Ó ṣeun. Ẹ fi 4 sọ kabọháídíréètì di púpọ̀, 192. Purotéènì náà ní 4, 56. Ọ̀rá ní 9, 31.5. Fáíbà ní 2, 54. Àpapọ̀ rẹ̀ 333.5, ó bá 334 mu. Ká ní fáíbà wà nínú 48 ni, 21 nìkan la máa fi 4 sọ di púpọ̀, gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́ nǹkan bíi 225. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí fáíbà rẹ̀ kéré, ìyàtọ̀ náà lè má hàn.

Ṣé wàrà wà nínú síríà náà?

Ìyá Ìbejì: Mílíìkì olómi, ife kan. A kì í kà á.

Bọ́dà Ṣẹ́gun: Mílílítà 200 ní gíráàmù 9 sí 10. Ẹ kà á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé ìṣirò méjèèjì lọ bá dókítà kí ẹ tó yí yúnìtì padà.

Dèjì: Súìtì aláìníṣúgà tí wọ́n fi maltitol rọ́pò ṣúgà rẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń yọ gbogbo rẹ̀.

Bọ́dà Ṣẹ́gun: Má yọ gbogbo rẹ̀, díẹ̀ lára rẹ̀ ń di ṣúgà. Àwọn kan ń yọ ìdajì. Èmi ò fọkàn tán ìdajì yẹn, torí ara ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì. Ẹ wọn ṣúgà lẹ́yìn wákàtí méjì.