«Àpamọ́» kọ́ ni káàṣì DNS

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin àgbà, mo ń kọ ìwé ìléwọ́ fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo pe káàṣì DNS, ibi tí ètò tó ń fi orúkọ sáìtì wá àdírẹ́sì ń tọ́jú ohun tó rí sí fúngbà díẹ̀, ní "àpamọ́", mo pe TTL, iye ìṣẹ́jú àáyá tí nǹkan náà lè lò níbẹ̀, ní "àkókò ìwàláàyè", mo sì pe ẹ̀rọ tó ń bá wa wá àdírẹ́sì ní "atúmọ̀-orúkọ". Ṣé wọ́n bójú mu?

Àjàní: "Atúmọ̀" yẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ẹni tó bá ń túmọ̀ nǹkan, orí ara rẹ̀ ni ìmọ̀ náà wà. Ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ ju ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ. Ẹ ní kó wá example.org. Ó lọ bá ọ̀kan nínú àwọn sáfà gbòǹgbò, àwọn tí orúkọ wọn lọ láti a.root-servers.net dé m.root-servers.net. Gbòǹgbò kò mọ àdírẹ́sì náà. Ó ní kó lọ bá àwọn tó ń mójú tó org. Àwọn ti org kò mọ̀ ọ́n bákan náà. Wọ́n tọ́ka sí sáfà tó ni example.org gan-an. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ 192.0.2.10. Ìtúmọ̀ wo ló wà níbẹ̀? "Abánibéèrè" ni. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Àyìndé: Ẹ̀gbọ́n, mo gba "abánibéèrè". Àmọ́ kí ló burú nínú "àpamọ́"? Inú bíráósà ló wà. Téèyàn bá ti pa á rẹ́ níbẹ̀, ó parí. Olùkọ́ Yorùbá ni bàbá mi, "pamọ́" kò ṣòro lẹ́nu wọn rí.

Àṣàkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n já lù yín. Ẹgbẹ́ wa gbé sáìtì wa lọ sórí sáfà míì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èmi tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí tuntun lójú ẹsẹ̀, àwọn ará ilé n'Ìbàdàn ṣì ń rí ti àtijọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo nǹkan ti pé. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?

Àjàní: Àṣàkẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Ká ní 86400 ni TTL yín, ìyẹn wákàtí 24. Abánibéèrè tí àwọn ará Ìbàdàn ń lò ti bèèrè láago 11 àárọ̀, wọ́n sì yí àdírẹ́sì padà láago 12. Kò ní bèèrè mọ́ títí di aago 11 ọjọ́ kejì. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò tíì bèèrè, nítorí náà tuntun ló bá. Kò sí ẹni tó máa ń ránṣẹ́ sí àwọn abánibéèrè pé ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Àyìndé, ìdí nìyẹn tí pípa ti bíráósà rẹ́ kò fi tó. Tìrẹ nìkan lo pa rẹ́. Èyí tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò, wà níbẹ̀. Fi àṣẹ dig bèèrè, kó o wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé orúkọ:

```
$ dig +noall +answer example.org A
example.org.  64800  IN  A  192.0.2.10
```

Tó o bá tún bèèrè tí nọ́ńbà náà ń dínkù, inú káàṣì ni ìdáhùn ti wá. Èyí ti lo wákàtí 6, ó ku 18. Tó o bá bèèrè lọ́wọ́ sáfà tó ni orúkọ náà fúnra rẹ̀, 86400 ni yóò máa fún ọ nígbà gbogbo. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ti sọ TTL di 300, kí wọ́n dúró kí wákàtí 24 àtijọ́ tán, kí wọ́n tó yí àdírẹ́sì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yí i, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Nítorí náà "gbèdéke" ni TTL. "Ìwàláàyè" kò sí níbẹ̀, nǹkan kan kò bí, nǹkan kan kò kú. Ohun tí a sì fi pamọ́, àwa la mọ ìgbà tí a ó mú un jáde. Èyí ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dà á nù.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé, sà. Tí wọ́n bá bèèrè orúkọ tí a kò tíì dá sílẹ̀ ńkọ́?

Àjàní: "Kò sí" náà ń wọ káàṣì, pẹ̀lú gbèdéke tirẹ̀. Ẹ dá orúkọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹni tó ti bèèrè ṣáájú yóò ṣì máa gbọ́ pé kò sí. Ṣé ẹ rí i pé àdírẹ́sì kọ́ là ń tọ́jú? Ìdáhùn ni. Mo dábàá "ìdáhùn onígbèdéke".

Àyìndé: Ìyẹn gùn jù, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ méjì fún káàṣì kan? Tí ẹ bá ní "oní-" ló kù, "àpamọ́ onígbèdéke" náà kò burú.

Àjàní: "Pamọ́" náà lo tún gbé padà wá yẹn.

Àṣàkẹ́: Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi n'Ìbàdàn ṣe dig yẹn. 41200 ló jáde.