Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oníbàárà tí kì í jáde gba ẹrù ń da ìrìn àwọn ọlọ́kadà mi rú

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀kadà méjì ni mo fi ń pín ẹrù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹrù 12 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé láàárọ̀, bí àdúgbò ṣe tẹ̀ léra la sì ń tò ó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi dé Mọ̀lípà, fóònù oníbàárà ń dún, kò gbé e. Ìṣẹ́jú 25 ló fi dúró nínú oòrùn. Nígbà tó máa fi dé Òkè-Àjẹ, ọjà ti kún, ńṣe ló ń ti ọ̀kadà. Méjì nínú àwọn oníbàárà tó kù ní àwọn ò gba ẹrù mọ́. Màdáámù Mọ̀lípà pè mí lálẹ́, oorun ló gbé e lọ!

Mo wá ṣòfin: ìpè méjì, ìṣẹ́jú 7, kó ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà, kó máa lọ. Mo sì ń pe gbogbo wọn kí ọ̀kadà tó jáde. Ẹni tí kò bá gbé e, ìparí ni mo ń fi sí. Ó dín wàhálà kù, àmọ́ nígbà mìíràn ilé àwọn tí mo fi sí ìparí yẹn máa ń jìnnà síra wọn, epo a wá máa jó lásán.

Ṣé ọjọ́ kan náà lẹ̀yin ń padà lọ, àbí ẹ ń dúró di ìgbà tí ẹrù mìíràn bá ń lọ sí àdúgbò yẹn? Ta ló ń san owó ìrìn kejì? Ọlọ́kadà ńkọ́? Ẹrù tó bá dọ́wọ́ oníbàárà nìkan ni mò ń sanwó lé, mo sì fura pé ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa dúró tì wọ́n.