Katapílà tó jókòó nítorí ilẹ̀ tó pẹ́: iye wo la máa béèrè?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdéhùn FIDIC 1999 la fi ń kọ́ ilé ìkẹ́rù méjì n'Íbàdàn. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sásìkò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa fi pẹ́ kó tó fún wa ní ìkejì. A ti kọ̀wé sí ẹnjiníà láàárín ọjọ́ 28 bí abala 20.1 ṣe ní ká ṣe. Ọjọ́ 42 la ní fún ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé.

Ẹnjiníà ní katapílà náà ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ fi hàn pé ó ṣe ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, nítorí náà mẹ́ta yòókù nìkan la fẹ́ béèrè. Àmọ́ tiwa ni katapílà, a ò háyà rẹ̀. Ṣé iye tí wọ́n ń háyà rẹ̀ lọ́jà la lè kọ, àbí owó tó ń ná wa gan-an, ká wá fi èrè tí abala 2.1 gbà láàyè lé e?